Ìtúpalẹ̀ àtúnwọ̀n tàbí àwòṣe àdàlù: bí a ṣe yan ọ̀nà fún máàkì ìsoríkọ́ nínú ìdánwò ìtọ́jú kan ní Ìbàdàn

Ìdánwò ìtọ́jú tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí wáyé ní àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé ní apá àríwá Ìbàdàn. Àgbàlagbà 120 tí wọ́n ní ìsoríkọ́ ni wọ́n kópa nínú rẹ̀, kèké ni a sì fi pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì, 60 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wọ́ kan gba ìtọ́jú tí àwọn ilé ìlera náà ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀wọ́ kejì gba ìtọ́jú yẹn kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní ìjókòó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí ó ń kọ́ aláìsàn bí a ṣe ń tú ìṣòro ojoojúmọ́ palẹ̀ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. PHQ-9 ni a fi díwọ̀n ìsoríkọ́ wọn: ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, ìdáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láti 0 sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ sì wà láti 0 sí 27, bí ó bá ṣe ga tó ni àìsàn náà ṣe le tó. A gba máàkì yìí ní ìbẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ 4, ní ọ̀sẹ̀ 8 àti ní ọ̀sẹ̀ 12, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ 12 sì ni ìbéèrè pàtàkì tí ìwádìí náà fẹ́ dáhùn. Mo ti yí iye àwọn olùkópa àti àwọn máàkì padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ìwádìí náà mọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ gan-an ni mo kọ.

Nígbà tí wọ́n kó iṣẹ́ náà wá fún mi, ohun tí ó wà nínú ìwé ètò ìwádìí ni pé ìtúpalẹ̀ ìfọ́nká àtúnwọ̀n, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń pè ní anófà àtúnwọ̀n, ni a ó lò. Dókítà tí ó jẹ́ olórí ìwádìí náà kò fẹ́ kí a kúrò lórí ohun tí a ti kọ sílẹ̀, ìdí tí ó sì fi sọ bẹ́ẹ̀ dára. Ó ní, “Bí a bá yí ọ̀nà padà báyìí, ta ni yóò gbà pé a kò yí i nítorí èsì tí a fẹ́ rí?” Mo dá a lóhùn pé òótọ́ ni ẹ sọ, mà, ṣùgbọ́n a kò tíì ṣí kóòdù tí yóò fi hàn ẹni tí ó wà ní ọ̀wọ́ wo, nítorí náà àyè ṣì wà fún wa láti ṣe àtúnṣe sí ètò náà, kí a kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí a fi ọjọ́ sí i, kí a fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ìlànà ìwádìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ èsì. Bí a bá ti ṣí kóòdù náà tán ni, ọ̀nà àtijọ́ ni n bá ní kí a fi ṣe ìtúpalẹ̀ àkọ́kọ́, kí ọ̀nà tuntun sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfikún.

Ohun tí ó mú mi ṣiyèméjì sí ọ̀nà àtijọ́ náà ni àwọn máàkì tí kò sí. Anófà àtúnwọ̀n ń fẹ́ kí olùkópa kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà kan ṣoṣo, kí gbogbo ìbẹ̀wò rẹ̀ sì to ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ìlà náà. Bí ihò kan bá wà lórí ìlà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbẹ̀wò kan péré ni ẹni náà pa jẹ, ètò kọ̀ǹpútà yóò yọ gbogbo ìlà náà dànù láìpariwo. Nínú ìdánwò tiwa, gbogbo ènìyàn 120 ni wọ́n wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ọ̀sẹ̀ 4, ṣùgbọ́n 34 nínú wọn kò wá mọ́ kí ọ̀sẹ̀ 12 tó pé. Àwọn kan kó lọ sí Ọ̀yọ́ tàbí Ṣakí, àwọn kan kò lè fi ìsọ̀ wọn ní ọjà Bódìjà sílẹ̀ ní ọjọ́ tí a fún wọn, àwọn kan ní kò sí ohun tí àwọn rí níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ní ara àwọn ti yá. Anófà àtúnwọ̀n yóò da máàkì ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ọ̀sẹ̀ 4 gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí nù, bẹ́ẹ̀ sì ni a ti gbà á lọ́wọ́ wọn, a sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Kí iye ènìyàn dín kù nìkan kọ́ ni ìṣòro náà. Bí ó bá jẹ́ pé bí ìgbà tí a ṣẹ́ kèké ni àwọn 34 náà ṣe lọ, àwọn 86 tí ó kù yóò ṣì ṣojú gbogbo wọn, agbára ìwádìí nìkan ni yóò rẹlẹ̀. Èyí ni a lè yẹ̀ wò láìṣí kóòdù ọ̀wọ́. Mo kó gbogbo wọn pọ̀, mo sì wo máàkì tí wọ́n ní ní ọ̀sẹ̀ 4, nígbà tí gbogbo wọn ṣì wà. Àwọn tí wọ́n lọ lẹ́yìn náà ní máàkì 13.1 ní ìpíndọ́gba, àwọn tí wọ́n dúró dé òpin sì ní 10.2. Ìyẹn ni pé àwọn tí àìsàn ṣì mú gan-an ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí ó fi wá sílẹ̀. Láti ìgbà tí Rubin ti ṣàlàyé irú àìsí máàkì báyìí ní ọdún 1976 ni a ti mọ̀ pé ìyàtọ̀ ńlá ni ó wà láàárín kí ènìyàn lọ láìnídìí tó kan máàkì rẹ̀ rárá àti kí ó lọ nítorí ohun tí máàkì rẹ̀ tí a ti rí ti fi hàn. Tí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, a lè yọ ìlà tí kò pé. Tí ó bá jẹ́ ti èkejì, èyí tí ó hàn níbí, yíyọ ìlà dànù yóò yí èsì sódì, ṣùgbọ́n àwòṣe tí ó ń lo gbogbo máàkì tí ó wà nílẹ̀ lè ṣe àtúnṣe rẹ̀.

Àwòṣe àdàlù ni àwòṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a dà lù nínú rẹ̀ ni ipa tí ó kan gbogbo ènìyàn, bí ọ̀wọ́ àti ọ̀sẹ̀, àti ohun tí ó jẹ́ ti olùkópa kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó ń jẹ́ kí máàkì ẹnì kan náà jọ ara wọn láti ìbẹ̀wò dé ìbẹ̀wò. Ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ní ìlà tirẹ̀ nínú dátà, kì í ṣe olùkópa kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó wá ní ọ̀sẹ̀ 4 tí kò wá mọ́ yóò ní ìlà kan, ẹni tí ó wá dé òpin yóò ní mẹ́ta, kò sì sí ẹni tí a ó yọ. Àwòṣe náà kì í kọ máàkì àtọwọ́dá sí ibi tí ó ṣófo. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń kọ́ lára àwọn tí wọ́n dúró bí máàkì ọ̀sẹ̀ 4 ṣe tan mọ́ ti ọ̀sẹ̀ 12, ó sì ń fi ìmọ̀ yẹn gbé ìpíndọ́gba ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ó yẹ kí ó wà bí gbogbo wọn bá wá.

Ìdí kejì wà tí mo fi kúrò lẹ́yìn anófà, bí kò tilẹ̀ wúwo tó ti àkọ́kọ́. Ọ̀nà yẹn gbà pé bí a bá yọ máàkì ìbẹ̀wò kan kúrò nínú ti ìbẹ̀wò mìíràn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìfọ́nká ìyàtọ̀ tí a rí yóò dọ́gba, ìbẹ̀wò méjì yòówù kí a mú. Nínú dátà tiwa, ìfọ́nká ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 àti 8 jẹ́ 13.8, láàárín ọ̀sẹ̀ 8 àti 12 jẹ́ 14.4, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ 4 àti 12 ó jẹ́ 23.7. Kò yani lẹ́nu, nítorí ìbẹ̀wò tí ó sún mọ́ ara wọn máa ń jọ ara wọn ju àwọn tí ó jìnnà síra wọn lọ. Àtúnṣe tí Greenhouse àti Geisser gbé kalẹ̀ ní ọdún 1959 wà fún èyí, ó sì ń ṣiṣẹ́, nítorí náà n kò ní fi ìdí yìí nìkan kọ anófà sílẹ̀. Kò sí àtúnṣe bẹ́ẹ̀ tí yóò dá àwọn 34 tí a ti yọ padà.

Bí a ti fẹnu kò sí àwòṣe àdàlù, ọ̀rọ̀ kò tíì parí, nítorí pé oríṣiríṣi ni ó wà, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti rí i tí àwọn tí wọ́n ti kúrò nínú anófà ń kọsẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ran ìwádìí náà lọ́wọ́ ti kọ́kọ́ kọ àwòṣe kan tí ó fún olùkópa kọ̀ọ̀kan ní ibi ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, tí ó sì fi ọ̀sẹ̀ ṣe nọ́ńbà kan tí máàkì ń tẹ̀lé ní ìlà tààrà. Ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí náà kọ́ ni àwòṣe àdàlù?” Òun náà ni, àmọ́ ó gbé ìpinnu méjì wọlé tí a kò bá ẹnikẹ́ni sọ. Àkọ́kọ́, ó gbà pé ìsoríkọ́ ń dín kù ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú dátà yìí, máàkì já wálẹ̀ gan-an láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti ọ̀sẹ̀ 4, lẹ́yìn náà ni ó wá ń rọra lọ sílẹ̀, bí ó sì ṣe sábà máa ń rí nínú ìdánwò ìtọ́jú ìsoríkọ́ nìyẹn. Bí a bá fi ipá fa ìlà tààrà gba àárín irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kọjá, ìyàtọ̀ tí yóò sọ fún wa ní ọ̀sẹ̀ 12 yóò jẹ́ ohun tí ìlà náà fẹ́, kì í ṣe ohun tí àwọn aláìsàn sọ. Èkejì, nígbà tí a bá fún olùkópa kọ̀ọ̀kan ní ibi ìbẹ̀rẹ̀ nìkan láìfún un ní ìwọ̀n ìrìn tirẹ̀, àwòṣe náà gbà pé ìbátan láàárín ọ̀sẹ̀ 4 àti 12 lágbára bákan náà pẹ̀lú ti ọ̀sẹ̀ 4 àti 8. Èyí le ju ohun tí anófà ń béèrè fún lọ. A ti kúrò nínú anófà, ṣùgbọ́n a gbé àbùkù rẹ̀ dání.

Ọ̀nà tí mo dábàá ni kí ìbẹ̀wò jẹ́ ẹ̀ka mẹ́ta, kí ọ̀sẹ̀ 4, 8 àti 12 ní ìpíndọ́gba tirẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a má sì de ìbátan láàárín wọn mọ́ bátànì kankan. Ìbẹ̀wò mẹ́ta túmọ̀ sí ìfọ́nká mẹ́ta àti ìbátan mẹ́ta, nǹkan mẹ́fà péré ni àwòṣe yóò fojú díwọ̀n, ènìyàn 120 sì tó fún un dáadáa. Bí ìbẹ̀wò bá jẹ́ mẹ́wàá ni, nǹkan náà yóò di 55, ìgbà yẹn ni ìṣirò sì lè kọ̀ láti parí. Nítorí ìyẹn, a kọ ọ́ sínú ètò ṣáájú pé bí ìṣirò kò bá parí, bátànì tí ìfọ́nká ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan dá wà, tí ìbátan sì tẹ̀lé jíjìnnà ìbẹ̀wò síra wọn nìkan, ni a ó lò tẹ̀lé e, kí ẹnikẹ́ni má baà máa gbìyànjú bátànì kan tẹ̀lé òmíràn títí èsì yóò fi wù ú. Máàkì ìbẹ̀rẹ̀ kò sí lára àwọn máàkì tí a ń ṣàlàyé. Ó dúró gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi ń ṣe àtúnṣe, a sì jẹ́ kí ipa rẹ̀ yàtọ̀ láti ìbẹ̀wò dé ìbẹ̀wò.

Ohun kan mú mi ronú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi ọwọ́ sí i. Ìlà tààrà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fà ní àǹfààní kan tí ẹ̀ka mẹ́ta kò ní: ó lè lo ọjọ́ gan-an tí aláìsàn wá. Bí òjò bá rọ̀ tí ọ̀nà sì bàjẹ́, ẹni tí ó yẹ kí ó wá ní ọ̀sẹ̀ 4 lè wá ní ọ̀sẹ̀ 6, ẹ̀ka mẹ́ta yóò sì pè é ní ọ̀sẹ̀ 4 síbẹ̀. A yẹ ọjọ́ ìbẹ̀wò wò, a sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni kò kọjá ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ tí a dá fún wọn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni, èmi ì bá fi ọjọ́ ṣe nọ́ńbà, n bá tẹ ìlà náà kí ó lè wálẹ̀ kíá ní ìbẹ̀rẹ̀, n bá sì fún olùkópa kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìrìn tirẹ̀.

Kóòdù tí a fi ṣe é nínú R kò gùn. `phq` ni máàkì, `base` ni máàkì ìbẹ̀rẹ̀, `visit`, `arm` àti `id` sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀ka, kì í ṣe nọ́ńbà.

```r
library(mmrm)
library(emmeans)
fit <- mmrm(
  phq ~ base * visit + arm * visit + us(visit | id),
  data = d, method = "Kenward-Roger"
)
emmeans(fit, pairwise ~ arm | visit)
```

`us` ni ó sọ pé kí a má ṣe de ìbátan láàárín àwọn ìbẹ̀wò. Kenward àti Roger ni wọ́n gbé ọ̀nà tí ó wà lórí ìlà `method` jáde ní ọdún 1997: ó ń fẹ ààlà ìdánilójú díẹ̀ nítorí pé a fojú díwọ̀n ìfọ́nká náà ni, a kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì nígbà tí olùkópa kò bá pọ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣí i, ètò náà kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ó ní olùkópa kan ní ìlà méjì fún ìbẹ̀wò kan náà. Wọ́n ti tẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní ilé ìlera, wọ́n sì tún tẹ̀ ẹ́ ní ọ́fíìsì. Mo dúpẹ́ pé ó kọ̀, nítorí àwọn ètò mìíràn wà tí wọn ì bá gba ìlà méjèèjì wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Lẹ́yìn tí a ti fi àtúnṣe ètò ránṣẹ́ ni a ṣí kóòdù ọ̀wọ́. Ìgbà yẹn ni a rí i pé 23 nínú àwọn 34 tí wọ́n lọ wá láti ọ̀wọ́ ìtọ́jú àtijọ́, 11 péré ni ó wá láti ọ̀wọ́ ìjókòó, ìdí tí àwọn ọ̀wọ́ méjèèjì fi lọ sì takora. Ní ọ̀wọ́ ìtọ́jú àtijọ́, àwọn tí wọ́n lọ ní máàkì 15.6 ní ọ̀sẹ̀ 4, àwọn tí wọ́n dúró sì ní 11.2: àwọn tí ara wọn kò yá ni ó lọ. Ní ọ̀wọ́ ìjókòó, àwọn tí wọ́n lọ ní 8.0, àwọn tí wọ́n dúró ní 9.5: àwọn tí ara wọn ti yá ni ó lọ. Àpapọ̀ tí mo ti wò ṣáájú ti fi ìtakora yìí pamọ́, kò sì sí bí kò ṣe ní fi í pamọ́.

Bí a bá wo àwọn 86 tí wọ́n dúró nìkan, bí anófà ì bá ti ṣe, ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ 12 jẹ́ 9.8 ní ọ̀wọ́ ìtọ́jú àtijọ́ àti 7.0 ní ọ̀wọ́ ìjókòó, ìyàtọ̀ sì jẹ́ 2.8. Olórí ìwádìí fẹ́ mọ bí àwòṣe ṣe lè rí ohun mìíràn láìhùmọ̀ máàkì, mo sì ṣe ìṣirò rẹ̀ fún un lórí ìwé. Láàárín àwọn tí wọ́n dúró, ẹni tí ó bá fi máàkì 1 ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ 4 máa ń fi nǹkan bí 0.6 jù ú lọ ní ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn 23 tí wọ́n lọ ní ọ̀wọ́ ìtọ́jú àtijọ́ fi 4.4 ga ju àwọn tí ó dúró lọ, nítorí náà a retí kí wọ́n fi 2.6 ga jù wọ́n lọ ní ọ̀sẹ̀ 12, ìyẹn 12.4. Bí a bá da 37 tí ó ní 9.8 pọ̀ mọ́ 23 tí ó ní 12.4, ìpíndọ́gba gbogbo 60 yóò jẹ́ 10.8. Ní ọ̀wọ́ ìjókòó, àwọn 11 fi 1.5 rẹlẹ̀, a retí kí wọ́n fi 0.9 rẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 12, ìpíndọ́gba gbogbo 60 ibẹ̀ yóò sì di 6.8. Ìyàtọ̀ náà wá di 4.0 dípò 2.8. Àwòṣe gan-an, tí ó tún lo ọ̀sẹ̀ 8 àti máàkì ìbẹ̀rẹ̀, sọ pé 3.9 ni, ààlà ìdánilójú rẹ̀ sì lọ láti 1.9 dé 5.9.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kí ó rò pé àwòṣe àdàlù máa ń jẹ́ kí ìtọ́jú tuntun dára sí i. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí ara wọn kò yá ni ó sá kúrò ní ọ̀wọ́ ìjókòó, ìṣirò kan náà ni ì bá fa ìyàtọ̀ náà wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 2.8. Bí gbogbo ènìyàn 120 bá sì ti wá ní gbogbo ìbẹ̀wò, ọ̀nà méjèèjì ì bá fún wa ní ìyàtọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, n kò sì ní bá dókítà jiyàn rárá. Nínú ìwádìí yàrá àyẹ̀wò tí a ti ń díwọ̀n ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan, tí kò sí ẹni tí yóò lọ, anófà àtúnwọ̀n ṣì ni mo máa ń lò.

Ibi tí agbára àwòṣe náà dópin sí ni ìgbàgbọ́ pé ohun tí a ti rí lára ẹni tí ó lọ tó láti sọ ibi tí ó wà ní ọ̀sẹ̀ 12. Dátà kò lè fìdí ìgbàgbọ́ yẹn múlẹ̀, kò sì lè já a. Obìnrin kan tí ó ní máàkì 8 ní ọ̀sẹ̀ 4 lè ti kó lọ sí Ṣakí nítorí pé ọkọ rẹ̀ kú ní ọ̀sẹ̀ 6, kí máàkì rẹ̀ sì ti di 18 láìsí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà a bi ara wa pé, báwo ni àwọn 11 tí wọ́n lọ ní ọ̀wọ́ ìjókòó ṣe gbọ́dọ̀ burú tó ju bí àwòṣe ṣe rò lọ kí èsì wa tó yí padà? Máàkì 1 tí a bá fi kún ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò gbé ìpíndọ́gba ọ̀wọ́ wọn sókè ní 11 nínú 60, ìyẹn nǹkan bí 0.18. Kí ìsàlẹ̀ ààlà ìdánilójú tó kúrò ní 1.9 dé òdo, bí fífẹ̀ rẹ̀ kò bá yí padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ fi ohun tí ó lé ní máàkì 10 burú ju bí a ṣe retí lọ, nígbà tí a kò fi ohunkóhun kún ti ọ̀wọ́ ìtọ́jú àtijọ́. Nígbà tí a fi ọ̀nà tí ń kún ibi tó ṣófo lọ́pọ̀ ìgbà ṣe é dáadáa, ààlà náà fẹ̀ díẹ̀ sí i, ibi ìyípadà náà sì bọ́ sí nǹkan bí 9.

Dókítà ní kí a kọ nọ́ńbà yẹn sí abẹ́ èsì pàtàkì nínú ìròyìn, kì í ṣe sí àfikún ẹ̀yìn ìwé, kí oníṣègùn tí ó bá kà á lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó bóyá aláìsàn 11 tí ara wọn ti ń yá ní ọ̀sẹ̀ 4 lè padà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. A kọ ọ́ síbẹ̀, a sì fi èsì anófà tí ìwé ètò àkọ́kọ́ sọ, 2.8, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú iye ènìyàn tí ó lò, 86 nínú 120.